Férémù fífẹ̀, lẹ́ǹsì "1.74", àti orí tó ń fọ́: àkọsílẹ̀ ọ̀rọ̀ gíláàsì kan n'Íbàdàn

Ẹni tí ọ̀rọ̀ yìí dá lé lórí jẹ́ akáǹtáǹtì, ẹni ọdún 34, tó ń gbé n'Íbàdàn tó sì máa ń wakọ̀ lọ sí Èkó nítorí iṣẹ́. Bàbá Ìbejì ni n ó máa pè é níbí, mo sì ti yí àwọn ohun tí èèyàn lè fi dá a mọ̀ padà. Gíláàsì tuntun ló gbé wá sí kílíníìkì wa. Ó ní láti ìgbà tí òun ti ń lò ó ni orí ti ń fọ́ òun, ojú ń fa òun bí òun bá ti ń wo ọ̀ọ́kán fún ìgbà díẹ̀, bí òun bá sì yíjú sí ẹ̀gbẹ́, nǹkan á dà bí ẹni pé ó tẹ̀. Ó ti padà sí ṣọ́ọ̀bù tó ti rà á. Wọ́n ní kó fara balẹ̀, ojú rẹ̀ ni kò tíì mọ́ ọn lára.

Mo ní kó jókòó, kó sọ gbogbo ohun tí wọ́n sọ fún un nígbà tó ń rà á, bí wọ́n ṣe sọ ọ́ gan-an, mo sì kọ ọ́ sílẹ̀. Wọ́n ní lẹ́ǹsì náà jẹ́ 1.74, èyí tó tẹ́ẹ́rẹ́ jù lọ, láti ọ̀dọ̀ ilé-iṣẹ́ Zeiss ti Jámánì. Wọ́n ní ó ní bulú-kọ́ọ̀tù tí kò ní jẹ́ kí kọ̀ǹpútà ba ojú rẹ̀ jẹ́, wọ́n sì tan bírò oníná kan sí i kó lè fojú ara rẹ̀ rí i. Wọ́n ní títáníọ́mù ni férémù rẹ̀, ara Ítálì. Gbogbo rẹ̀ wọ́n, ó sì sanwó rẹ̀ tán.

Ojú rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ tún yẹ̀ wò. Ojú ọ̀tún -5.00, ojú òsì -4.75, bó ṣe wà nínú ìwé tó mú lọ sí ṣọ́ọ̀bù náà gẹ́lẹ́. Mo gbé gíláàsì sórí lẹnsímítà, ẹ̀rọ tí a fi ń ka agbára lẹ́ǹsì: nọ́ńbà tó wà nínú rẹ̀ náà pé. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù máa ń dúró sí. Tí oníbàárà bá ti ráhùn, wọ́n á ka nọ́ńbà, wọ́n á ní "kò sí àṣìṣe kankan", wọ́n á dá a padà sílé. Ṣùgbọ́n lẹnsímítà tún ní iṣẹ́ kejì, ìyẹn ni pé ó máa ń tọ́ yíǹkì sí àárín gùngùn lẹ́ǹsì kọ̀ọ̀kan, níbi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń gba inú rẹ̀ kọjá láìyà. Mo tọ́ ọ sí méjèèjì, mo fi rúlà wọn àárín wọn. Ó jẹ́ mílímítà 70. Mo wọn àárín ẹyin ojú Bàbá Ìbejì méjèèjì, ohun tí àwọn onígíláàsì ń pè ní píìdì. Ó jẹ́ 62.

Mílímítà mẹ́jọ ni ìyàtọ̀ náà. Ohun tó ń fọ́ ọ lórí nìyẹn. Lẹ́ǹsì ẹni tí kò rí ọ̀ọ́kán dà bí àwo pẹrẹsẹ: àárín rẹ̀ fẹ́lẹ́, etí rẹ̀ nípọn. Ibi tó fẹ́lẹ́ jù yẹn gan-an ló yẹ kó dojú kọ ẹyin ojú. Bí ẹyin ojú bá ń wo ibòmíràn lára lẹ́ǹsì, lẹ́ǹsì náà á máa ti àwòrán sí ẹ̀gbẹ́, ìyẹn ni a ń pè ní pirísíìmù. Ìṣirò rẹ̀ kò le: a ó fi agbára lẹ́ǹsì lọ́nà iye sẹ̀ǹtímítà tí ó fi kúrò lójú àárín. Ojú kọ̀ọ̀kan Bàbá Ìbejì fi mílímítà mẹ́rin jìnnà sí àárín lẹ́ǹsì rẹ̀, ìyẹn sẹ̀ǹtímítà 0.4. 0.4 lọ́nà 5 jẹ́ pirísíìmù 2 lójú ọ̀tún, ti òsì sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Lápapọ̀, ó sún mọ́ 4. Ìhà tí ó kọjú sí ló tún burú jù, torí ńṣe ló ń béèrè pé kí ojú méjèèjì ya ara wọn sóde. Ojú èèyàn máa ń kó ara jọ wọlé láìní wàhálà, bí a ti ń ṣe tí a bá ń kàwé, ṣùgbọ́n agbára tó ní láti ya sóde kò pọ̀ rárá. Kò sí bí yóò ṣe mọ́ irú ẹ̀ lára tí kò ní rẹ̀ ẹ́.

Ó wá bi mí pé, "Dókítà, kí ló dé tí wọn ò kàn gé e sí ibi tó yẹ?" Férémù ló fà á. Mo yí apá férémù náà sí i, mo fi ohun tí wọ́n tẹ̀ sí inú rẹ̀ hàn án: 56□18 145. Nọ́ńbà àkọ́kọ́ ni fífẹ̀ ojú kan, èkejì ni fífẹ̀ afárá orí imú, ẹ̀kẹta ni gígùn apá, gbogbo rẹ̀ ní mílímítà. Tí a bá ro 56 pọ̀ mọ́ 18, a ó rí 74, ìyẹn ni àárín ojú férémù kan sí èkejì. Fún ẹni tí píìdì rẹ̀ jẹ́ 62, ìyẹn túmọ̀ sí pé a gbọ́dọ̀ fa lẹ́ǹsì kọ̀ọ̀kan wọlé síhà imú ní mílímítà mẹ́fà. Lẹ́ǹsì tí a kò tíì gé máa ń wá ní róbótó, 65 tàbí 70 mílímítà ni èyí tó wọ́pọ̀. Ibi tí ojú férémù yìí gùn jù jẹ́ nǹkan bí 58. Lórí lẹ́ǹsì 65, àyè tó kù ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan kò ju 3.5 lọ. Bí a bá fà á ní mẹ́fà, etí òde kò ní kún férémù. Kódà lórí 70, mẹ́fà gééré ni, kò sí àyè fún ẹ̀rọ láti gé e. Ẹni tó gé e rí i pé kò dé, ó fà á ní méjì, ó sì jẹ́ kó lọ. Kò sí ẹni tó sọ fún Bàbá Ìbejì pé férémù tó mú kò bá ojú rẹ̀ mu, wọ́n sì ti lè mọ̀ láti orí káńtà, kí wọ́n tó gbowó lọ́wọ́ rẹ̀.

Lẹ́yìn èyí ni mo wá kan ọ̀rọ̀ 1.74. Nọ́ńbà yìí ni ìndẹ́ẹ̀sì lẹ́ǹsì, ìwọ̀n bí ohun tí a fi ṣe é ṣe lágbára tó láti tẹ ìmọ́lẹ̀. Bí ó bá ṣe ga tó ni etí lẹ́ǹsì á ṣe tẹ́ẹ́rẹ́ tó fún agbára kan náà. Lẹ́ǹsì onírọ́bà tó wọ́pọ̀ jù jẹ́ 1.50. Lẹ́yìn rẹ̀ ni 1.56, tó kún ọjà wa, 1.60, 1.67, lẹ́yìn náà 1.74, tó wọ́n gan-an. Ẹnikẹ́ni kò lè fi ojú lásán sọ èyí tó jẹ́, ìdí nìyẹn tó fi rọrùn láti parọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìpọn etí kì í parọ́, tí a bá ti mọ agbára lẹ́ǹsì àti ibi tí àárín rẹ̀ wà.

Mo lo ìṣirò tí a máa ń lò: a ó mú jíjìnnà láti àárín lẹ́ǹsì dé etí rẹ̀ ní mílímítà, a ó fi lọ́nà ara rẹ̀, a ó fi lọ́nà agbára lẹ́ǹsì, a ó wá fi 2000 lọ́nà ìndẹ́ẹ̀sì tí a ti yọ 1 kúrò nínú rẹ̀ pín in. Ohun tó bá jáde ni etí fi nípọn ju àárín lọ. Lójú ọ̀tún Bàbá Ìbejì, etí òde wà ní mílímítà 30 sí àárín: ìdajì 56 ni 28, pẹ̀lú 2 tí wọ́n fà á.

```
30 × 30 × 5 = 4500
1.74:  4500 ÷ (2000 × 0.74) = 3.0 mm
1.56:  4500 ÷ (2000 × 0.56) = 4.0 mm
```

Mo fi kálípà wọn lẹ́ǹsì náà. Àárín jẹ́ 1.8, etí òde jẹ́ 5.8. Mẹ́rin gééré ni ìyàtọ̀ wọn. 1.56 ni lẹ́ǹsì náà, kì í ṣe 1.74. Ìṣirò yìí ní ibi tó mọ o: ìyàtọ̀ láàárín 1.67 àti 1.74 lójú férémù yìí jẹ́ ìdá mẹ́ta mílímítà péré, kálípà lásán kò lè fi ìyẹn búra. Ṣùgbọ́n mílímítà kan gbáko kì í ṣe ohun tí èèyàn ń wọ̀n ṣì.

Ọ̀rọ̀ Zeiss kò gba àkókò. Ilé-iṣẹ́ yẹn máa ń fi ìtànṣán lésà kọ lẹ́tà "Z" kékeré sí ẹ̀gbẹ́ lẹ́ǹsì wọn, èyí tí ojú kì í tètè rí. Bí èèyàn bá mí èémí sí lẹ́ǹsì tó mọ́ tónítóní, tí ó gbé e sí ìmọ́lẹ̀, yóò yọ fún ìṣẹ́jú àáyá kan kí èémí tó gbẹ. A mí sí méjèèjì, a wò ó yíká, a ò rí nǹkan kan. Ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti gé àmì kúrò nínú lẹ́ǹsì kan bí férémù bá kéré gan-an, torí náà àìrí àmì nìkan kò tó ẹ̀rí. Ohun tó parí ọ̀rọ̀ náà ni àpò lẹ́ǹsì. Gbogbo lẹ́ǹsì, ìbáà jẹ́ ti Zeiss, Essilor, Hoya tàbí ti Rodenstock, máa ń wá nínú àpò pépà tí wọ́n kọ agbára, ìndẹ́ẹ̀sì, ìwọ̀n róbótó àti orúkọ kóòtì, ìyẹn ohun tí wọ́n fi bo ojú rẹ̀, sí. Onígíláàsì tí kò parọ́ kò ní ìdí láti sọ ọ́ nù kí oníbàárà tó dé. Bàbá Ìbejì béèrè tirẹ̀ lórí fóònù níwájú mi. Wọ́n ní àwọn ti jó o.

Ti bírò oníná ni mo fẹ́ fara balẹ̀ sọ, torí pé ó ti tan ọ̀pọ̀ èèyàn jẹ, títí kan àwọn òǹtàjà fúnra wọn, tó jẹ́ pé wọ́n gbà á gbọ́ tọkàntọkàn. Wọ́n á tan bírò yẹn sí káàdì funfun, àmì aláwọ̀ aró á yọ. Wọ́n á gbé lẹ́ǹsì lásán sáàárín, àmì ṣì wà. Wọ́n á gbé bulú-kọ́ọ̀tù, àmì á pòórá. Ẹni tó rí i á sanwó. Ìmọ́lẹ̀ bírò yẹn jẹ́ nǹkan bíi nánómítà 405, ó ti sún mọ́ ìtànṣán oòrùn tí ojú kò rí. Bulú tó ń jáde láti ojú fóònù àti kọ̀ǹpútà pọ̀ jù ní àgbègbè 450. Lẹ́ǹsì tó dí 405 pátápátá lè jẹ́ kí 450 kọjá fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Ohun tí bírò fi hàn jẹ́ òtítọ́ nípa bírò, kò sọ nǹkan kan nípa kọ̀ǹpútà. Mo ṣí ojú ewé funfun lórí fóònù Bàbá Ìbejì, mo ní kó wò ó pẹ̀lú gíláàsì, kó sì wò ó láìlò ó, nítòsí. Funfun ṣì jẹ́ funfun. Lẹ́ǹsì tó bá yọ bulú kúrò lójúu kọ̀ǹpútà ní tòótọ́ gbọ́dọ̀ mú kí funfun pọ́n bí ẹni pé wọ́n da epo díẹ̀ sí i.

Kódà bí ó bá tiẹ̀ yọ ọ́, kí ni yóò wò sàn? Ní 2023, àjọ Cochrane kó ìwádìí 17 jọ tí wọ́n ṣe lórí irú lẹ́ǹsì yìí. Wọn kò rí i pé ó dín ojú rírẹ̀ nídìí kọ̀ǹpútà kù ju lẹ́ǹsì lásán lọ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àkókò tí wọ́n fi wo àwọn èèyàn náà kò gùn. Ní ìlú Ọba, àjọ tó ń ṣàkóso àwọn onígíláàsì bu owó ìtanràn £40,000 lé ilé-iṣẹ́ ńlá kan lórí ní 2017 nítorí ìpolówó tó ṣini lọ́nà lórí bulú yìí kan náà. Tí Bàbá Ìbejì bá fẹ́ san owó fún kóòtì, áńtí-gíléà ni mo ní kó san án fún. Lẹ́ǹsì tí kò ní in máa ń dá nǹkan bí ìdá mẹ́jọ nínú ọgọ́rùn-ún ìmọ́lẹ̀ padà tó bá jẹ́ 1.50, ó sì máa ń ju bẹ́ẹ̀ lọ bí ìndẹ́ẹ̀sì bá ṣe ń ga. Ìyẹn ni òjìji iná tí ẹni tó ń wakọ̀ lálẹ́ máa ń rí nínú lẹ́ǹsì ara rẹ̀. Mo fi òótọ́ kún un fún un pé áńtí-gíléà kì í pa iná ọkọ̀ tó ń bọ̀ ní iwájú. Òjìji inú lẹ́ǹsì ló ń pa.

Ti férémù, máàgínẹ́ẹ̀tì kékeré ló dá a lẹ́jọ́. Ó lẹ̀ mọ́ iwájú férémù pinpin. Títáníọ́mù kì í fà mọ́ máàgínẹ́ẹ̀tì, bó ti wù kó rí. Súkúrù kéékèèké nìkan ló lè fà, torí wọn kì í sábà jẹ́ títáníọ́mù. Ṣùgbọ́n àwọn irin mìíràn náà wà tí kì í fà, nítorí náà máàgínẹ́ẹ̀tì lè já irọ́, kò lè fi òtítọ́ múlẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà kan ara rẹ̀ gan-an, torí níbi tí férémù ti ń kan imú, àwọ̀ ewé ti ń yọ, ara rẹ̀ sì ń yún. Òógùn ló ń jẹ irin tí níkẹ́ẹ̀lì wà nínú rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Lórí "ara Ítálì", àmì "CE" nìkan ló wà níbẹ̀. CE kì í ṣe orúkọ ìlú. Olùṣe fúnra rẹ̀ ló ń fi sọ pé ọjà òun bá òfin Yúróòpù mu. Orúkọ olówó iyebíye ara apá férémù náà kì í sábà jẹ́ orúkọ ẹni tó ṣe é: EssilorLuxottica ló ń ṣe férémù Prada, Kering Eyewear ló ń ṣe ti Gucci, pẹ̀lú ìwé àdéhùn. Ìbéèrè tó ṣe pàtàkì ni nọ́ńbà módẹ́ẹ̀lì, nọ́ńbà àwọ̀ àti ìwọ̀n tí wọ́n tẹ̀ sínú apá. Ti férémù tòótọ́ máa ń bá ohun tó wà lójú ewé ilé-iṣẹ́ náà mu ní gbogbo ọ̀nà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ti Bàbá Ìbejì kò ní nọ́ńbà módẹ́ẹ̀lì rárá.

A wá tún un ṣe. Férémù ni mo ní kó kọ́kọ́ mú, kí a má tíì dárúkọ lẹ́ǹsì kankan. Ó fẹ́ràn fífẹ̀, mo sì mọ̀ pé àṣà ni, ṣùgbọ́n mo ṣe ìṣirò méjì níwájú rẹ̀. Férémù 56□18 tí a bá fa lẹ́ǹsì rẹ̀ síbi tó yẹ, etí òde á jìnnà sí àárín ní 34. Kódà pẹ̀lú 1.74 tòótọ́ tí àárín rẹ̀ jẹ́ 1.2, etí rẹ̀ á tó mílímítà 5.1. Férémù 48□18, àárín rẹ̀ jẹ́ 66, a ó kàn fà á ní méjì, etí òde á wà ní 26. Pẹ̀lú 1.60, tí owó rẹ̀ kéré gan-an sí 1.74, bí àárín rẹ̀ bá tiẹ̀ jẹ́ 1.5, etí á jẹ́ nǹkan bíi 4.3. Lẹ́ǹsì tí kò wọ́n tẹ́ẹ́rẹ́ ju èyí tó wọ́n jù lọ, nítorí férémù nìkan. 1.60 tún ní àǹfààní mìíràn: kì í ya ìmọ́lẹ̀ sí àwọ̀ létí lẹ́ǹsì bí 1.74 ṣe ń ṣe. Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ó wo ara rẹ̀ nínú dígí, ó sì mú 48. Títáníọ́mù ni, kò ní orúkọ ńlá lára, máàgínẹ́ẹ̀tì kò fà á.

A ra lẹ́ǹsì 1.60 ti ilé-iṣẹ́ Essilor pẹ̀lú kóòtì Crizal wọn. Nígbà tó dé, mo pè é kó wá wo àpò rẹ̀ kí a tó gé e, ó sì ya fọ́tò rẹ̀. Lẹ́yìn tí a gé e tán, mo gbé e sórí lẹnsímítà lójú rẹ̀: -5.00, -4.75, àárín sí àárín 62. Mo gbé e sábẹ́ iná àjà pẹ̀lú ti àtijọ́. Lára lẹ́ǹsì tuntun, òjìji iná náà ṣókùnkùn, ó ní àwọ̀ ewé. Lára ti àtijọ́, ó tàn ní àwọ̀ aró tó fẹ́ jọ elésè àlùkò, ìyẹn kóòtì tó ń dá bulú padà síta.

Lórí kóòtì, ohun méjì ni mo sọ fún un. Kó má gbé gíláàsì sórí dáṣíbọ́ọ̀dù nínú oòrùn, torí rọ́bà lẹ́ǹsì máa ń wú nínú ooru ju kóòtì orí rẹ̀ lọ, kóòtì á sì sán wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Bí ìyẹn bá ti ṣẹlẹ̀, kò sí àtúnṣe. Èkejì, lásìkò ọyẹ́, kó fi omi ṣàn eruku kúrò kó tó nù ún, torí eruku tí aṣọ gbígbẹ fà kọjá lórí lẹ́ǹsì ló ń ha á.

Orí fífọ́ náà lọ láàárín ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Ojú rẹ̀ ṣì máa ń gbẹ tó bá pẹ́ nídìí kọ̀ǹpútà, èyí kò yà mí lẹ́nu, torí pé bí èèyàn bá ń tẹjú mọ́ ìṣirò, kì í ṣẹ́jú tó bó ṣe yẹ. Gíláàsì kò lè ṣe nǹkan sí ìyẹn.

Ó mú ìwé ìwọ̀n tí mo kọ fún un lọ sí ṣọ́ọ̀bù náà: 70 sí 62, 1.8, 5.8. Mo ti ní kó béèrè ìwé àṣẹ ọdún yìí láti ọ̀dọ̀ ODORBN, ìgbìmọ̀ ìjọba tó ń forúkọ àwọn dókítà ojú àti onígíláàsì sílẹ̀ ní Nàìjíríà, lórúkọ ẹni tó wọn ojú rẹ̀ fún férémù. Ẹni yẹn kò ní in, òǹtàjà ni. Ọ̀gá ṣọ́ọ̀bù ní àwọn á tún lẹ́ǹsì gé sínú férémù kan náà lọ́fẹ̀ẹ́, lórí róbótó tó tóbi jù. Bàbá Ìbejì pè mí láti ibẹ̀, mo sì sọ fún un pé 1.56 nínú férémù yẹn, tí a bá fà á síbi tó yẹ, etí rẹ̀ á tó mílímítà méje. Ó kọ̀. Wọ́n dá owó lẹ́ǹsì padà fún un, wọn kò dá ti férémù. Ó fi ẹ̀sùn náà ránṣẹ́ sí ODORBN pẹ̀lú ìwé ìwọ̀n, rìsíìtì tí wọ́n kọ "Zeiss 1.74" sí, àti fọ́tò máàgínẹ́ẹ̀tì tó rọ̀ mọ́ férémù.